Tí àpò sìmẹ́ńtì bá dín sí iye tó wà lórí ínfóìsì: bí a ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún wa

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ adágún ẹja, ilé adìyẹ tàbí ilé gbígbé ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, tí ẹ ń ra sìmẹ́ńtì ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ gbé e wá bá yín lóko.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Olóko ẹja kan san owó àpò 100. Ọkọ̀ dé, wọ́n já ẹrù, àpò 94 ló bá nílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni iye àpò gbà hàn níbí: èyí tó wà lórí ínfóìsì, èyí tó wà lórí wébíìlì tí dírẹ́bà mú wá, àti èyí tí a fi ojú ara wa kà. Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ yóò kàn dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni. Tí wébíìlì fúnra rẹ̀ bá sọ pé 94, ọ̀rọ̀ ti yanjú dé ìdajì: ṣọ́ọ̀bù mọ̀ pé ẹrù kò pé, ó ṣeé ṣe kí ìyókù ṣì ń bọ̀. Àmọ́ tí wébíìlì bá sọ pé 100, kò túmọ̀ sí pé 100 ló wọ ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn máa ń da iye orí ínfóìsì kọ sórí wébíìlì kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò kan.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ rí i pé kíkà yín dúró dáadáa. Ẹ má ṣe kà á lórí ọkọ̀, nítorí àárín ẹrù lè ṣófo kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kún. Ẹ ní kí àwọn tó ń já ẹrù tò ó ní méjì-méjì, ìpele márùn-ún, kí òkìtì kan jẹ́ àpò 10. Òkìtì 9 àti àpò 4 ló fún wa ní 94. Èyí tó bá ya, ẹ kà á mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ yà á sọ́tọ̀, torí ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Kí ọkọ̀ tó lọ, ẹ kọ ọ́ sórí wébíìlì pẹ̀lú gègé pé: “94 la gbà, ó ku 6”, kí ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i, kí ẹ̀yin àti dírẹ́bà fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i láìkọ nǹkan kan, ẹ ti gbà pé 100 dé nìyẹn. Ẹ wá tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé kà. Ẹ ya àwòrán àwọn òkìtì náà pẹ̀lú. Ẹ má sọ ìwé gan-an nù.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Bí olóko wa ṣe kọ tirẹ̀ sí Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù rèé:

“Ẹ káàsán mà, Alhaja. Ẹ kú ọjà o. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni mo ń bá bọ̀. Ínfóìsì nọ́ńbà 0417 sọ pé àpò 100, wébíìlì nọ́ńbà 1183 náà sọ pé 100. Àpò 94 la kà nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì la kà á níṣojú dírẹ́bà yín, òun náà sì fọwọ́ sí i. Àwòrán wébíìlì àti ti àwọn òkìtì wà nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kó ẹrù, iye tó wọ ọkọ̀ gan-an, àti bóyá wọ́n já díẹ̀ sílẹ̀ fún oníbàárà mìíràn lọ́nà. A ò tíì lo ìkankan nínú rẹ̀. Ẹ bá wa kó 6 tó kù wá, ó pẹ́ tán ọjọ́ Ẹtì, tàbí kí ẹ dá ₦60,000 padà, nítorí ₦10,000 ni àpò kan lórí ínfóìsì.”

Ẹ kíyè sí i pé kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ìdí mẹ́ta ló lè fà á, àṣìṣe níbi kíkó, ẹrù tó bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí jìbìtì, lẹ́tà kò sì lè mọ èyí tó jẹ́. Ó fún Alhaja láǹfààní láti yẹ ìwé tirẹ̀ wò. Ó sọ ohun tó ń fẹ́ àti ọjọ́ tó ń fẹ́ ẹ. Iye owó náà, orí ínfóìsì ló ti mú un, kì í ṣe iye ọjà tòní.

Ẹ má tú àwọn òkìtì náà títí èsì yóò fi dé, kí Alhaja lè rán ènìyàn wá kà á. Bí iṣẹ́ bá ń lé yín, ẹ sọ fún un kí ẹ tó mú àpò àkọ́kọ́. Bí ẹ bá pè é lórí fóònù, ẹ ṣì kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí ránṣẹ́ sí i.

Tí àpò 6 náà bá dé, ẹ gba wébíìlì tuntun fún un, kí wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé ó jẹ́ ìyókù ti nọ́ńbà 1183. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù lè kà á sí ọjà tuntun tí ẹ kò tíì san owó rẹ̀.