Ẹ Má Fi Àwọ̀ Bẹ̀rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Dídá Ẹ̀dá Kátúùnù Mọ̀ Láti Inú Àwòrán Kan Ṣoṣo

Àpótí àwòrán kan ló bí ìwé yìí. Wọ́n kó àwọn àwòrán tí wọ́n yọ láti inú eré kátúùnù fún wa pé kí a kọ orúkọ sí ẹ̀yìn wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dá wà ni: kò ní àkọlé, kò ní ohùn, a kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. A kọ orúkọ tán, a kó wọn lọ, ẹni tó ni wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ padà. Nígbà tí a tún wọn yẹ̀ wò, àṣìṣe kan náà ni gbogbo wa ṣe. Àwọ̀ ni a kọ́kọ́ wò. Ológbò tó bá ti ní àwọ̀ eérú, a ní Tom ni, ológbò inú eré Tom àti Jerry. Èyí tí kò bá ní in, a ní kì í ṣe òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú ìwà yìí.

A kò ní sọ bí a ṣe ń dá eré dúró láti yọ àwòrán jáde. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ pa àwọ̀

Ẹ sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun lórí fóònù. Ẹ wá sún un kéré títí ẹ̀dá inú rẹ̀ kò fi ní ga ju èékánná àtàǹpàkò yín lọ. Ohun tí ẹ bá ṣì dá mọ̀ nígbà náà ni ara rẹ̀ gan-an: bí etí ṣe rí, ibi tí imú yọ sí, bí orí ṣe tóbi tó sí ara. Ẹ kọ mẹ́ta sílẹ̀ nínú wọn kí ẹ tó dá àwọ̀ padà. Méjì kò tó, mẹ́rin sì jẹ́ ìfàkókòṣòfò. Ìka ọwọ́ kò wúlò tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò, nítorí pé ìka mẹ́rin, àtàǹpàkò mọ́ ọn, ni ọ̀pọ̀ ẹranko kátúùnù ní. Bí ẹ bá ka márùn-ún ni kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú àwòrán náà tóbi ní ìlọ́po méjì, kí ẹ wo ìlà tó yí ẹ̀dá náà ká. Ṣé ó nípọn bákan náà yíká, àbí ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń sanra? Ẹ wo ohun tí wọ́n yà sẹ́yìn ẹ̀dá náà pẹ̀lú. Ṣé wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, tó ní òjìji àti ìjìnlẹ̀, àbí àwọ̀ pẹlẹbẹ díẹ̀ ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀? Ìlà àti ẹ̀yìn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe eré náà, àti bóyá sinimá ni àbí tẹlifíṣàn.

Aṣọ tó jẹ́ ara, àti aṣọ ìtàn

Aṣọ kan wà tí ẹ̀dá kì í bọ́. Ẹ̀wù atukọ̀ aláwọ̀ búlúù àti táì labalábá pupa jẹ́ ara Donald Duck. Fìlà alásè lórí ológbò kàn jẹ́ ti ìtàn ọjọ́ yẹn ni, kò lè fún un ní orúkọ.

Ẹ ṣọ́ ọrùn dáadáa. Yogi tó jẹ́ béárì tí kò wọ ẹ̀wù wọ kọ́là àti táì, kì í sì í ṣe nítorí oge. Owó tẹlifíṣàn kéré, nítorí náà àwọn Hanna àti Barbera tó ṣe eré rẹ̀ ya orí sọ́tọ̀ sórí abala kan, wọ́n ya ara sórí òmíràn. Orí nìkan ni wọ́n ń yí padà bí ó ti ń sọ̀rọ̀, kọ́là sì bo ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé. Bí ẹ bá rí ẹranko tí kò wọ nǹkan kan àfi ohun tó wà ní ọrùn rẹ̀, iṣẹ́ tẹlifíṣàn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ológbò tó di pupa

Àwòrán tó dùn wá jù rèé. Ológbò kan àti eku kan dúró ti ara wọn bí ọ̀rẹ́. Ológbò náà ní àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, eku náà sì wọ táì labalábá. Ẹnì kan nínú wa kọ ọ́ pé, «Kì í ṣe Tom, Tom kì í pọ́n.» Ó gbé e sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ jẹun.

Ká ní ó wo ọwọ́ ológbò náà ni! Ọwọ́ Tom funfun, ìdí ẹnu rẹ̀ náà funfun. Nínú àwòrán yìí, ọwọ́ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ìdí ẹnu pọ́n, ògiri tó yẹ kó funfun náà pọ́n. Bí ibi mẹ́ta tó yẹ kó funfun bá ti gba àwọ̀ kan náà, àwòrán ló ṣàìsàn, kì í ṣe ẹ̀dá inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù aláwọ̀ àtijọ́ ń ṣá bẹ́ẹ̀: àwọ̀ tó ń dá pupa dúró ló ń kọ́kọ́ lọ, pupa á wá gba gbogbo ilé. Ẹ yọ pupa yẹn kúrò lọ́kàn, irun ológbò náà á padà sí eérú. Táì eku náà pọ́n ju ọwọ́ ológbò lọ fíìfíì, nítorí náà pupa tirẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Tom ni, àmọ́ Tom wo? Hanna àti Barbera ṣe é fún sinimá láti 1940 sí 1958. Gene Deitch ṣe mẹ́tàlá ní 1961 àti 1962. Chuck Jones gbà á láti 1963 sí 1967, ó fún Tom ní irun ojú tó nípọn, ó sì fún Jerry, eku náà, ní etí tó tóbi sí i. Nínú àwòrán wa, irun ojú kò nípọn, ẹ̀yìn pẹlẹbẹ, ìlà dọ́gba yíká, Jerry wọ táì pupa, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn jà. Eré tẹlifíṣàn ti 1975 nìyẹn. Táì nìkan kì bá tó, ìrẹ́pọ̀ wọn nìkan kì bá tó.

Bí ẹ bá sì bá ológbò kan pàdé tó jọ ológbò gidi ju Tom lọ, tí irun rẹ̀ hun jọ, ẹ rọra. Nínú eré àkọ́kọ́ ní 1940, Jasper ni wọ́n ń pè é. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló di Tom.

Ibi tí àwọ̀ nìkan ló kù

Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tí Donald jẹ́ arákùnrin ìyá wọn jọra délẹ̀. Nínú eré tẹlifíṣàn wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, Huey wọ pupa, Dewey wọ búlúù, Louie wọ àwọ̀ ewé. Àwọn kan há èyí sórí, wọ́n wá ń fi í ka àwòrán ọdún 1938, nígbà tí àwọ̀ fìlà wọn ṣì ń yí padà láti eré dé eré. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìlà àti ẹ̀yìn mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, kí ẹ sì wá ibi funfun mẹ́ta. Bí àwòrán náà bá ti ṣá, tàbí tó ti pẹ́ ju ìgbà tí àwọ̀ wọn dúró sójú kan, ẹ kọ «ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta» sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́, kì í ṣe gègé.