Bí mo ṣe tẹ ìka mi fúnra mi lẹ́yìn tí ₦18,000 ti wọgbó

₦18,000 ni mo san kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé n kì í ṣe alágídí. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí ládùúgbò wa tí ọ̀rọ̀ yẹn ò ní pa lẹ́rìn-ín. Télọ̀ ni mí, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń dá ṣọ́ọ̀bù mi ṣe. Akàtẹ́lẹwọ́ kan ló ní kí n ki ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ páàdì òǹtẹ̀, kí n tẹ̀ wọ́n sórí bébà, kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, kí òun lè fi ìlà wọn sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ní ọjọ́ kẹta èsì dé: "Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló jẹ́ aṣẹ́rí. Ẹ máa ń gba ti gbogbo èèyàn, ìpinnu máa ń ṣòro fún yín. Ẹ má dá òwò ṣe, ẹ wá alábàáṣe." Ọkọ mi kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Owó mi ló dùn mí. Mo ní n ó wò ó fúnra mi.

Ohun tí èèyàn ń wá nínú ìlà orí ìka kò ju mẹ́ta lọ. Aṣẹ́rí ni ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, tó ṣẹ́rí padà bí okùn tí a ká kọ́, tó sì tún gba ẹ̀gbẹ́ tó bá wọlé jáde. Ayípo ń yí bí ìdí ìkarahun ìgbín. Ebè sì ni èyí tó wọlé lápá kan, tó gbé ara sókè díẹ̀ bí ebè iṣu, tó jáde lápá kejì. Aṣẹ́rí ló pọ̀ jù lọ́wọ́ ọmọ aráyé, ó lé ní ìdajì dáadáa. Ebè ló ṣọ̀wọ́n jù, nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìka. Bí ojú bá ń tan èèyàn, oríta ni kó kà, ìyẹn ibi tí ìlà láti ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé. Ebè kò ní oríta kankan, aṣẹ́rí ní ẹyọ kan, ayípo ní méjì.

Oríta yẹn gan-an ni gbogbo ìyà mi.

Ibi tí oríta máa ń wà nìyí: kì í ṣe àárín ìka níbi tí a fi ń tẹ nǹkan, ẹ̀gbẹ́ ni, nígbà mìíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èékánná. Bí o bá kàn tẹ ìka mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni ń tẹ̀ka sórí ìwé ìdìbò, oríta kan lè ṣubú síta, ayípo á sì dà bí aṣẹ́rí lójú ẹni tó ń wò ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bébà tí mo fi ránṣẹ́ nìyẹn. Akàtẹ́lẹwọ́ tó mọṣẹ́ ì bá ti dá bébà náà padà, kó ní kí n yí ìka láti etí èékánná dé etí èékánná. Owó ló gbà, kò sọ nǹkan kan.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìka. Bébà mẹ́rìnlá ni mo bà jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí íǹkì bá pọ̀, á kún àárín àwọn ìlà, gbogbo rẹ̀ á di dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí mo bá dín in kù, àtàǹpàkò á yọ̀ láàárín ọ̀nà, ìlà á sì di méjì-méjì. Mo ń fi agbára ti ara mi lọ́wọ́, àṣé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló gbà mí: ó ní kí n dẹ ọwọ́ sílẹ̀, kí n wo ibòmíràn, òun ni ó bá mi yí i. Àtàǹpàkò ń yí wá sápá ara ẹni, ìka yòókù ń yí jáde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, a kì í dá a padà. Síbẹ̀ àtàǹpàkò òsì kọ̀ jálẹ̀.

Níkẹyìn mo da íǹkì nù. Mo fi pẹ́ńsù tó rọ̀ kun bébà títí ó fi dúdú, mo fi ìka pa á, mo wé sẹ́lótéèpù mọ́ ìka láti èékánná dé èékánná, mo ṣí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun. Ó mọ́ kedere! Oríta méjèèjì yọ lórí àtàǹpàkò òsì, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà mi fi sá wọlé.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Nígbà tí mo gbé bébà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti íǹkì, gbogbo aṣẹ́rí tó kọjú sọ́tùn-ún ti kọjú sósì. Mo lo ìdajì ọjọ́ kí n tó mọ̀ pé bí àwòrán inú díńgí ni ti íǹkì rí, ó yí padà. Ti sẹ́lótéèpù sì rí bí ìka fúnra rẹ̀ ṣe rí lójú mi. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́, nítorí àwọn akàtẹ́lẹwọ́ ya aṣẹ́rí tó ṣí sápá ọmọńdinrín sọ́tọ̀ sí èyí tó ṣí sápá àtàǹpàkò. Ti àkọ́kọ́ ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Èkejì ṣọ̀wọ́n, orí ìka ìlábẹ̀ ló sì máa ń wà jù; wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tètè máa ń wọ ẹni tó bá ní i lára. Ẹ kọ sórí bébà yín èyí tí ẹ lò, íǹkì tàbí téèpù.

Ìka mi rèé nígbà náà: ayípo mẹ́ta, lórí àtàǹpàkò méjèèjì àti ìka òrùka ọ̀tún, ebè kan lórí ìka ìlábẹ̀ òsì, aṣẹ́rí mẹ́fà. Bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ ni pé aṣẹ́rí ń bá èèyàn lọ, ayípo ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, ebè ń ṣọ́ra, ohun tó bá fọwọ́ kàn ló gbà gbọ́. Ìka kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó ń ṣojú fún: àtàǹpàkò fún agbára ìfẹ́-inú, ìlábẹ̀ fún ipò àti àṣẹ, ìka òrùka fún ẹwà àti iṣẹ́ ọnà. Ayípo lórí àtàǹpàkò méjèèjì, alágídí paraku. Lórí ìka òrùka, ẹni tó mọ aṣọ tó wù ú. Mo ti ń gbéra ga nígbà tí mo rántí Kẹ́hìndé.

Ẹ jọ̀ọ́, Táyé ni mo ń jẹ́, ojú wa ò yàtọ̀. Mo gbé sẹ́lótéèpù lọ bá a. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìka rẹ̀ bá tèmi mu. Ìlábẹ̀ òsì nìkan ló jẹ́ aṣẹ́rí níbi tí tèmi ti jẹ́ ebè. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ inú wọn kò jọra, ṣùgbọ́n ayípo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Kẹ́hìndé tí kì í ná ọjà! Iye tí wọ́n bá pè ló máa san, á tún dúpẹ́.

Inú oyún ni ìlà wọ̀nyí ti ń hù, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Bí orí ìka bá wú sókè nígbà tí ìlà ń hù, ayípo ló máa ń jáde. Bó bá pẹlẹbẹ, ebè ni. Francis Galton, ará Gẹ̀ẹ́sì tó fi ìwé rẹ̀ ti 1892 mú kí orúkọ mẹ́ta yìí tàn ká, wá àmì ìwà nínú ìlà ìka, kò rí i, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti kọ́kọ́ mọ èyí, ₦18,000 mi ì bá ra àtíkè àti bọ́tìnnì.

Mo ka gbogbo ìtumọ̀ náà fún Kẹ́hìndé, títí kan alágídí. Mo retí pé á jiyàn.

"Òótọ́ ni, Táyé mi," ló wí. "Bí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni."