Bí mo ṣe kọ pọ́díkáàsìtì ìṣẹ́jú 42 sílẹ̀, Yorùbá àti Òyìnbó pọ̀ nínú ẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú pọ́díkáàsìtì òun sílẹ̀, kí n sì ṣe nóòtì kékeré tó máa ń wà lábẹ́ ẹ̀. Màmá kan tó ń ta aṣọ òkè n'Ìbàdàn ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, màmá yìí á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Yorùbá á parí ẹ̀ ní Òyìnbó, ìgbà míì sì rèé, ọ̀rọ̀ kan péré ló máa jẹ́ Òyìnbó láàárín.

Audacity, áàpù tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe ohùn lórí kọ̀ǹpútà, ni mo gbé ohùn náà sí, mo lọ sí Change Tempo, mo fi -25% síbẹ̀ kó lè rọra máa lọ. Change Tempo ni mo lò torí pé Change Speed and Pitch máa ń fa ohùn wálẹ̀ mọ́ ọn, èmi sì fẹ́ gbọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn bí màmá ṣe sọ ọ́ gan.

Ohun tí mo kọ́kọ́ pinnu ni bí màá ṣe kọ Òyìnbó wọn. Èyí tí Yorùbá ti gbé mì, bíi "mo ti pùláànì ẹ̀" tàbí "ó ń sìtírẹ́ẹ̀sì mi", Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ odidi gbólóhùn Òyìnbó, mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò sọ "pùláànì" di "ṣètò" o, torí ìyẹn kọ́ ni màmá sọ.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo kọ́kọ́ tẹ gbogbo ẹ̀ láìfi àmì sí i, mo ní màá fi sí i tó bá yá. Ọjọ́ kejì mo bá "mo ta oko mi" ní ìṣẹ́jú 17, mo ti ń kọ sínú nóòtì pé màmá ta oko kó tó rówó bẹ̀rẹ̀, àfìgbà tí mo padà lọ gbọ́ ọ, tí mo gbọ́ pé ohùn ẹ̀ wálẹ̀ kó tó sọ "mi". Ó ṣì ń ṣe mí bákan, mo bá pè wọ́n.

"Mọ́mì, ẹ má bínú, ṣé oko lẹ tà ni àbí ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ ni, ọmọ mi, mọ́tò tí mo fi ń kó aṣọ. Oko ibo ni mo ní?"

Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo ń fi àmì sí i bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, ó gbà mí lódidi ọjọ́ kan sí i.

Nóòtì yẹn ò pọ̀, ìlà mẹ́fà ni, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣẹ́jú ẹ̀. Mo ti parí ẹ̀ kí ọ̀rẹ́ mi tó fi orin ìṣẹ́jú-àáyá 35 síwájú, ni gbogbo àkókò bá yẹ̀, 17:05 di 17:40, mo ní láti tún gbogbo ẹ̀ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyìí mi ò kí ń kọ àkókò kankan àfi tí wọ́n bá ti fún mi ní èyí tí wọ́n fẹ́ gbé jáde gan.