Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí akọ̀wé owó tuntun bá ń gbé ìlà sitéètimẹ́ǹtì báǹkì wọ inú lẹ́jà

Àṣìṣe tí ó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ni kí akọ̀wé owó rò pé bí àpapọ̀ bá ti bára mu, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìṣirò owó ní Ìbàdàn, láti Dùgbẹ̀ títí dé Mọ́kọ́lá àti Bódìjà, sitéètimẹ́ǹtì tí àwọn oníṣòwò ń mú wá kì í sábà jẹ́ fáìlì tí ó mọ́. Ìwé tí báǹkì tẹ̀ ni, tí wọ́n ti ká sí méjì nínú báàgì, tí òǹtẹ̀ báǹkì bo nọ́ńbà kan tàbí méjì mọ́lẹ̀, tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù wá fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ètò kọ̀ǹpútà kan yóò ka àwòrán náà, yóò sì tò ó sí ìlà-ìlà: ọjọ́, àlàyé, owó tó jáde, owó tó wọlé, àti bálánsì. Ohun tí ó bá gbé jáde máa ń mọ́ ju ìwé tí ó ti kà á lọ, ojú akọ̀wé tuntun a sì máa gbàgbé ìwé náà pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí á mú oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà Gbági gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, pẹ̀lú ojú ìwé kan nínú sitéètimẹ́ǹtì rẹ̀ ti oṣù kẹta ọdún 2025. Bálánsì tí ó bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé náà jẹ́ 412,650.00 náírà. Ó san 185,000.00 fún ẹni tí ó ń ta aṣọ fún un, ó ku 227,650.00. Báǹkì yọ 53.75, ìyẹn 50 náírà owó ìfowóránṣẹ́ àti owó orí rẹ̀, ó ku 227,596.25. Lẹ́yìn náà, oníbàárà kan ní Ìsẹ́yìn san 71,500.00, bálánsì di 299,096.25, oníbàárà mìíràn ní Ṣakí san 38,000.00, ó di 337,096.25. Báǹkì wá yọ 50 náírà lẹ́ẹ̀mejì fún ìjọba, nítorí pé owó méjèèjì tí ó wọlé ju 10,000 lọ, ó sì ku 336,996.25.

Ìdánwò kan wà tí ó yẹ kí gbogbo akọ̀wé ṣe kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn: bálánsì ìlà tó ṣáájú, kí a yọ owó tó jáde, kí a fi owó tó wọlé kún un, kí a sì yọ bálánsì tí wọ́n kọ síwájú ìlà náà gan-an. Bí owó tó jáde bá wà ní òpó C, tí èyí tó wọlé wà ní D, tí bálánsì wà ní E, ohun tí a ó tẹ̀ síwájú ìlà kẹta nìyí:

```
=ROUND(E2-C3+D3-E3,2)
```

Òdo ni ó yẹ kí ó jáde ní gbogbo ìlà. Ibi tí kò bá ti jẹ́ òdo, iye tí ó jáde níbẹ̀ máa ń sọ irú àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á. Bí ètò náà bá ka 71,500 sí 77,500, nítorí pé 1 tí inki rẹ̀ ti ṣá máa ń jọ 7, ìlà kan ṣoṣo ni yóò kọ̀, pẹ̀lú 6,000. Bí ó bá jẹ́ bálánsì ni ó ṣì kà, ìlà méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn ni yóò kọ̀ pẹ̀lú iye kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, èkejì láìsí i. Bí ó bá sì gbé 185,000 tó jáde sí òpó owó tó wọlé, èyí tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí òpó kan bá ṣófo tí ètò náà sì fún òpó méjèèjì pọ̀, ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ ìlọ́po méjì, ìyẹn 370,000. Bí àmì kọ́bọ̀ bá pòórá, tí 53.75 di 5,375, a ó rí 5,321.25 pẹ̀lú àmì ìyọkúrò. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, inú àwòrán ni ìdáhùn wà. Ẹni tí ó bá jókòó tí ń ro ohun tí nọ́ńbà náà ìbá jẹ́, tàbí tí ó lọ gbé 6,000 náà sí àkáǹtì ìdúróde, ibi tí a ń kó owó tí a kò tíì mọ ìdí rẹ̀ sí, kí ìdánwò lè fún un ní òdo, ti sọ àṣìṣe ìkàwé di àṣìṣe ìwé owó.

Títí dé ibí yìí, ìṣirò ṣì lè gba ènìyàn là. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí ìdánwò náà ti fún wa ní òdo láti òkè dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ tí ìwé kò tọ̀nà.

Ẹ wo òpó àlàyé lórí àwòrán náà dáadáa. Kò fẹ̀ tó, nítorí náà báǹkì tẹ àlàyé owó kọ̀ọ̀kan sí ìlà méjì: nọ́ńbà gígùn ti ìfowóránṣẹ́ lókè, orúkọ ẹni tó san án nísàlẹ̀. Ètò tí ó ń ka àwòrán kò mọ̀ pé ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ ti owó tó wà lókè rẹ̀. Bí fọ́tò náà bá wọ́ díẹ̀, ó lè mú orúkọ náà so mọ́ owó tí ó tẹ̀lé e. Orúkọ oníbàárà Ìsẹ́yìn yóò wá bọ́ sí iwájú 38,000, ti Ṣakí yóò bọ́ sí iwájú 50 náírà ti ìjọba, 71,500 yóò sì dúró láìní orúkọ kankan. Kò sí nọ́ńbà kan tí ó yí padà. Bálánsì pé dé kọ́bọ̀. Akọ̀wé tuntun yóò kọ 38,000 sí orúkọ oníbàárà Ìsẹ́yìn, yóò wo lẹ́jà láti mọ ẹni tí gbèsè rẹ̀ sún mọ́ 71,500, bí ó bá sì jẹ́ pé ti Ṣakí ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé, ibẹ̀ ni owó náà yóò lọ.

Nígbà tí oṣù bá parí, wọn yóò kọ̀wé sí oníbàárà Ìsẹ́yìn pé gbèsè rẹ̀ ṣẹ́ ku 33,500 náírà. Òun náà yóò ṣí fóònù rẹ̀, yóò fi àlẹ́ẹ̀tì 71,500 han ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Ọjà ni, àwọn tí wọ́n wà nítòsí yóò gbọ́. Ti Ṣakí kò sì ní sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, nítorí pé ẹni tí a dín gbèsè rẹ̀ kù kì í sábà yára pe àkíyèsí sí i.

Bí a ṣe lè tètè mọ irú èyí ni pé kí á wá orúkọ ènìyàn níwájú owó tí kò yẹ kí ó ní orúkọ, bí i 50 náírà yẹn, kí á sì wá owó ńlá tí àlàyé rẹ̀ kúrú ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àmì lásán ni wọ́n jẹ́ ṣá. Ohun tí ó dájú ni kí á ka orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán.

Ọ̀nà tí a gbà kà á náà ṣe pàtàkì, èmi kò sì rí akọ̀wé tuntun púpọ̀ tí wọ́n fi èyí hàn. Ọ̀pọ̀ wọn a máa wo ìlà inú Éksẹ́ẹ̀lì, wọn a wá a lórí àwòrán, wọn a sì máa fi àmì sí i. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè rí ìlà tí ètò náà fò, nítorí pé ohun tí kò sí nínú Éksẹ́ẹ̀lì kò lè rán an lọ wá ara rẹ̀. Láti orí àwòrán ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka iye ìlà tó wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé iye tí ètò náà gbé jáde. Lẹ́yìn náà ẹ gbé rúlà sí abẹ́ ìlà àkọ́kọ́ lórí ìwé, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wo Éksẹ́ẹ̀lì. Bí ẹni méjì bá wà, kí ọ̀kan máa kà sókè láti orí àwòrán, kí èkejì máa fi àmì sí i. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé àti òkè èyí tó tẹ̀lé e ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni fọ́tò ti máa ń gé ìlà ìkẹyìn kúrò, ibẹ̀ náà sì ni ètò ti máa ń ka bálánsì tí a gbé wá láti ojú ìwé tó ṣáájú bí ẹni pé owó tuntun ló wọlé.

Ẹ tún fi bálánsì ìkẹyìn ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wé ti àwòrán ní tààrà. Àwọn ètò kan wà tí kì í ka bálánsì láti inú ìwé. Ṣe ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ fúnra wọn láti inú owó tí wọ́n ti kà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdánwò tí mo kọ sókè yóò máa fún wa ní òdo títí láé, bí nọ́ńbà tilẹ̀ bàjẹ́ tó, nítorí pé ètò náà ni ó ń jẹ́rìí sí ara rẹ̀.

Ohun méjì mìíràn kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ má ṣe ní kí Éksẹ́ẹ̀lì pa ìlà tó jọra rẹ́. 50 náírà méjì ní ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú àlàyé kan náà, lè jẹ́ owó méjì lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní ti Gbági yìí, àwòrán nìkan ni ó sì lè sọ fún wa. Ní ti ọjọ́, 04/03/2025 tí ó jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta lórí sitéètimẹ́ǹtì wa lè di ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lórí kọ̀ǹpútà tí a kò tò sí ìlànà tiwa. Bí ẹ bá rí i pé àwọn ọjọ́ tí kò kọjá ọjọ́ kejìlá oṣù ti fọ́n ká sí oríṣiríṣi oṣù, tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹtàlá sì fara ti apá òsì àpótí wọn bí ọ̀rọ̀ lásán, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Tí nọ́ńbà kan kò bá ṣeé kà lórí àwòrán rárá, bóyá nítorí pé òǹtẹ̀ bò ó tàbí pé ibi tí wọ́n ti ká ìwé ni ó bọ́ sí, bálánsì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè jẹ́ kí a mọ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ẹni tó san án. Kí akọ̀wé dá ìlà náà dúró, kí ó sì ní kí oníṣòwò gba sitéètimẹ́ǹtì náà ní fáìlì láti orí áàpù báǹkì rẹ̀. Ìlà tí a dá dúró kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Èyí tí a ti gbé wọ inú lẹ́jà ti yí gbèsè oníbàárà padà, nínú ọ̀pọ̀ ètò ìwé owó a kò sì ní lè pa á rẹ́ mọ́. A ó kọ òdìkejì rẹ̀, a ó tún kọ èyí tó tọ́, ìlà mẹ́ta yóò sì wà níbi tí ó yẹ kí ọ̀kan wà, pẹ̀lú àlàyé tí a gbọ́dọ̀ ṣe fún ẹni tí yóò wá yẹ ìwé wò ní òpin ọdún.