Wásáàpù ní òun ò rí ọ̀rọ̀ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ fódà wà nínú fóònù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Aṣọ ni mò ń rán ní Tákíè, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ra fóònù tuntun. Áńdíróìdì ni ti àtijọ́, Áńdíróìdì náà ni tuntun. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ sórí Google rí. Mo fi mẹ́mórì káàdì kó fódà WhatsApp, mo dà á síbi tí DCIM àti Download wà nínú tuntun. Nígbà tí mo fi nọ́ńbà mi wọlé, kò dá ọ̀rọ̀ kankan padà. Ìwọ̀n gbogbo oníbàárà mi wà nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìdáhùn: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù àtijọ́, ẹ má sì yọ Wásáàpù kúrò lórí ẹ̀ títí a ó fi parí.

Ibi tí ẹ da fódà yẹn sí ni wàhálà wà. Nígbà kan, ibẹ̀ gan-an ni Wásáàpù ń kó ẹrù ẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fi ń dà á síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Áńdíróìdì 11, fóònù kì í jẹ́ kí áàpù kan máa wọ ibi tí kì í ṣe tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Ibi tí Wásáàpù ń wò báyìí nìyí:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Databases
```

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ lórí fóònù àtijọ́. Ó lè sọ fún yín pé nọ́ńbà yín ti kúrò lórí ẹ̀, torí ẹ ti fi wọlé sórí tuntun. Ẹ má jáyà, fáìlì ò tíì lọ. Ní aago méjì òru ni Wásáàpù máa ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ sínú fáìlì kan, yálà ẹ ń lo Google àbí ẹ ò lò ó, á sì tún tọ́jú ti nǹkan bí ọjọ́ méje sẹ́yìn. Èyí tó tuntun jù ń jẹ́ `msgstore.db.crypt14`, tàbí kó parí sí `crypt15`. Àwọn yòókù ní ọjọ́ lára orúkọ wọn.

Ohun tí mo máa ń wò ṣáájú ni bí fáìlì yẹn ṣe tóbi. Mo ṣe irú èyí fún ẹnì kan tó ń ta èèlò ilé. Ti fóònù àtijọ́ jẹ́ MB 96, èyí tó wà nínú tuntun ò tó MB 1. Wásáàpù tuntun ló dá kékeré yẹn nígbà tó wọlé láìrí nǹkan kan. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀ lórí tiyín, òfìfo ni, ẹ má jẹ́ kó wà níbi tí ti gidi yẹ kó wà.

Bí àwọn ọ̀rọ̀ kan bá wọlé lẹ́yìn aago méjì òru tí ẹ sì fẹ́ wọn, ẹ dá síìmù padà sínú fóònù àtijọ́, ẹ fi nọ́ńbà wọlé, kí ẹ lọ sí Settings, Chats, Chat backup, kí ẹ tẹ Back up. Fáìlì tuntun á wà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ ṣe é o. Bí nọ́ńbà bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín fóònù méjì, Wásáàpù á ní kí ẹ dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó tún fi kóòdù ránṣẹ́.

Ẹ wá kó odindi fódà WhatsApp ti fóònù àtijọ́ sínú Download lórí fóònù tuntun, kó wà níbẹ̀ bí ẹ̀dà. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé bí ẹ bá yọ Wásáàpù kúrò, fóònù lè gbá fódà rẹ̀ dànù mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ Wásáàpù kúrò lórí tuntun, kí ẹ tún un fi sí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i. Bí ẹ ò bá rí `com.whatsapp` nínú Android/media, ẹ fi ọwọ́ dá a, lẹ́tà kékeré ni gbogbo ẹ̀. Ẹ wá kó fódà WhatsApp sínú ẹ̀.

Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíì á bá WhatsApp nínú WhatsApp. Ẹlòmíì á bá `(1)` lára orúkọ fáìlì, torí pé fáìlì kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìkankan nínú méjèèjì, Wásáàpù ò ní rí i. Bó bá jẹ́ pé ti ọjọ́ mìíràn lẹ fẹ́, ẹ yọ ọjọ́ náà àti `.1` tó tẹ̀ lé e kúrò lára orúkọ, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn crypt wà bó ṣe wà, kí ti òkè yìí di ti ìsàlẹ̀:

```
msgstore-2025-03-09.1.db.crypt14
msgstore.db.crypt14
```

Ẹ wá ṣí Wásáàpù, kí ẹ fi nọ́ńbà kan náà wọlé. Nọ́ńbà mìíràn ò lè ṣiṣẹ́, torí fáìlì yẹn wà ní títì, nọ́ńbà yín ni wọ́n ń fún ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Bó bá bèèrè àyè láti wọ àwòrán àti fáìlì, ẹ gbà fún un. Bó bá bèèrè Google, ẹ fò ó. Ẹ ó rí Restore. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má tẹ̀ síwájú, torí ó máa dá òfìfo mìíràn. Ẹ pa á dé, kí ẹ padà lọ wo fódà.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, Ọlọ́run á bù kún yín, ó ti padà! Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán aṣọ ń ṣe bàìbàì, fóìsì nóòtì ò sì dún.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ nìkan ló wà nínú msgstore, mà. Àwòrán àti ohùn wà nínú Media, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Databases. Ẹ wo Media lórí tuntun, bóyá ó pé tó ti àtijọ́. Òun ló máa ń tóbi jù, mẹ́mórì káàdì tó ti fẹ́ kún a sì máa já a sí àárín. Ẹ kó èyí tó ṣẹ́kù wá pẹ̀lú orúkọ fódà rẹ̀ bó ṣe wà, WhatsApp Images, WhatsApp Voice Notes, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ẹ pa Wásáàpù dé, kí ẹ tún un ṣí.

Àwòrán tí ẹ ti parẹ́ lórí fóònù àtijọ́ kò ní bá wọn dé. Bó bá ti pẹ́, ẹ ní kí oníbàárà tún fi ránṣẹ́.

Ìbéèrè: Àbúrò mi náà fẹ́ pààrọ̀ fóònù lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé bó ṣe máa jìyà nìyí?

Ìdáhùn: Rárá o, bí fóònù méjèèjì bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kó fi nọ́ńbà wọlé sórí tuntun, kó má tíì fò ohunkóhun. Bí tuntun bá ti bèèrè bóyá ó fẹ́ kó ọ̀rọ̀ wá láti fóònù àtijọ́, kó tẹ Start, kóòdù onígun mẹ́rin á hàn. Lórí àtijọ́, kó lọ sí Settings, Chats, Transfer chats, kó fi kámẹ́rà rẹ̀ wo kóòdù náà. Wáì-fáì àti lókéṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà ní títàn lórí méjèèjì, kí wọ́n sún mọ́ra lórí tábìlì kan. Láti fóònù sí fóònù ni ẹrù náà ń gbà, kì í jẹ dátà. Kó so méjèèjì mọ́ ṣájà, torí bí ọ̀kan bá kú láàárín, á tún ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.