Tẹlifíṣọ̀n tó ń kú tó tún ń tàn lálẹ́: ohun tó yanjú tèmi

Gbogbo alẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n mi máa ń kú, á tún tàn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ tó wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà kì í kú. Mo pààrọ̀ wáyà, kò yí padà. Mo fi sọ́ọ̀jì purotẹ́kítọ̀ sí i, òun náà kò ràn án. Iná tó ta sókè lójijì, tó sì balẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́, nìyẹn ń gbá mú. Kò lè gbé iná tó rẹlẹ̀ sókè.

Mítà tí mo fi wọn iná ló tú àṣírí. Lọ́sàn-án, fóòtì 230 ni, lálẹ́, 165. Mo wá ka ẹ̀yìn wọn: tẹlifíṣọ̀n kọ 220–240V, mọ́nítọ̀ kọ 100–240V. Abájọ!

Sítébiláísà tó ń gba fóòtì 140 sí 260 ni mo rà. Tẹlifíṣọ̀n ń jẹ wáàtì 120, mọ́nítọ̀ 40, àpapọ̀ 160. Mo mú 500VA, torí pé agbára rẹ̀ máa ń dín kù bí iná bá rẹlẹ̀. Mo ki í bọ ògiri, mo sì ki àwọn méjèèjì bọ inú rẹ̀, torí iná tó bá kọjá 240 lè ba mọ́nítọ̀ náà jẹ́. Bí iná bá dé, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó gbé e fún wọn, èyí tó wù mí gan-an.

Láti ìgbà náà, tẹlifíṣọ̀n kò kú mọ́. Bí iná tiyín bá ń lọ sísàlẹ̀ fóòtì 140, èyí kò ní tó o. Bí àrá bá ń sán, ẹ ṣáà yọ gbogbo rẹ̀ lára ògiri.