Ìró Tí Nọ́ọ̀sì Gbọ́ Láyà Ọmọ

Ọmọ ọdún 4 ni Ìbùkún. Wọ́n fẹ́ fi í sí ilé ẹ̀kọ́, ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó, bá gbé e wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan l'Ákùúrẹ́ fún àyẹ̀wò. Ara ọmọ ti yá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ibà ṣe é.

Bàbá: Nọ́ọ̀sì, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ẹ gbé nǹkan yẹn lé e láyà, ẹ dákẹ́, ẹ tún gbé e lé e. Ṣé ọkàn ọmọ mi ti lu ni?

Nọ́ọ̀sì: Ẹ jókòó ná, Bàbá Ìbùkún. Ọkàn máa ń dún lẹ́ẹ̀mejì, gbì-gbì. Láàárín méjèèjì, mo gbọ́ ohun kan tó ń kùn fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń kọrin sínú. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. N kò tíì sọ pé àìsàn ni.

Bàbá: Kí ló wá ń kùn?

Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fín kòkó, bí ẹ bá rọra tẹ ẹ̀rọ ìfínko, oògùn á gba inú rọ́bà kọjá láìdún. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ le, ẹ ó gbọ́ ọ. Rọ́bà kò lu, oògùn ló ń sáré. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà láàárín ọdún 3 sí 7 ni ọkàn wọn ń kùn bẹ́ẹ̀ láìsí àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n ihò inú ọkàn náà ń dún, ilẹ̀kùn ọkàn tí kò ṣí tàbí tí kò pa dé dáadáa náà ń dún. Mo ní láti mọ èyí tó jẹ́.

(Ó ní kí ọmọ dùbúlẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ó ní kó dìde dúró, ó tún gbọ́ ọ.)

Nọ́ọ̀sì: Ẹ rí i? Nígbà tó dùbúlẹ̀, ó ń dún. Bó ṣe dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sínú ọkàn dín kù. Irú èyí tí kò léwu ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ó pọ̀ sí i nígbà tó dìde ni, tàbí ó le débi pé ọwọ́ mi ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n lórí àyà, tàbí ó ń dún nígbà tí ọkàn ń sinmi, lónìí ni ǹ bá kọ̀wé fún yín lọ bá dókítà ọkàn.

Bàbá: Ìyá rẹ̀ ti wà lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Mo pè é lórí fóònù.

Nọ́ọ̀sì: Kó gbàdúrà, kó sì dáhùn ìbéèrè mi. Nígbà tó ń mu ọyàn, ṣé ó máa ń làágùn, tó ń sinmi kó tó mu tán? Ṣé ó máa ń dákú bó bá ń sáré? Ṣé àyà ń dùn ún?

Bàbá: Rárá o. Àwa gan-an la máa ń rẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì: Ahọ́n rẹ̀ pọ́n, kò dúdú bí aró. Ahọ́n ni kí ẹ máa wò, torí pé awọ ara wa lè tan ènìyàn jẹ. Ó wọn kìlógíráàmù 16, ó ń dàgbà. Ẹ̀rọ tí mo fi há a níka, tó ń wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, ka 98 nínú 100, ó dára. Mo fọwọ́ kan iṣan itan rẹ̀, ó ń lù dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ló kù: àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun.

(Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 28 nínú 100. Bí ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ bá ní ohun tó kéré sí nǹkan bí 33, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.)

Nọ́ọ̀sì: Ibà ló jẹ ẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, ọkàn á máa yára láti fi ìwọ̀nba tó wà yíká ara, ariwo á sì pọ̀. Ibà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí a kì í fi í dájọ́ ìró ọkàn nígbà tí ara ọmọ bá gbóná. Ẹ fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo kọ yìí bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àgbo dípò rẹ̀. Kó máa sun inú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé e wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, dókítà yóò wà níbí lọ́jọ́ náà. Bí ìró náà bá ṣì mú iyèméjì dání, wọn yóò fi irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún wo ọkàn rẹ̀. Kì í dunni. Kó tó dìgbà náà, bí ó bá ń mí gúlegúle, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ dúdú, tàbí tí ó dákú, ẹ má dúró de ọjọ́.

Bàbá: Eré ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì: Kó máa ṣeré.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ̀jẹ̀ Ìbùkún di 34. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ àti ìdúró: ìró náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti rọlẹ̀ gan-an. Ó ní irú èyí tí kò léwu ni, kò sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí káàdì ọmọ, kí ẹlòmíràn tó bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú má bàa fi já òbí láyà.

Nọ́ọ̀sì: Ó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, àbí?

Bàbá: Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Orí àjà ni bọ́ọ̀lù wà láti ọjọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ lọ gbé e sọ̀kalẹ̀ fún un.